Lẹ́tà ilé iṣẹ́ ń wọlé sí fóònù mi, àmọ́ adírẹ́sì tèmi ló ń fèsì

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ilé àlejò kékeré kan ní apá Màrínà níbí. Ẹni tó ṣe ìkànnì wa fún wa ní adírẹ́sì ímeèlì ti ilé iṣẹ́, ó sì ṣètò rẹ̀ kí lẹ́tà tó bá wọ ibẹ̀ máa bọ́ sínú Gmail tèmi. Lẹ́tà ń wọlé dáadáa. Àmọ́ bí mo bá fèsì, adírẹ́sì tèmi ni ẹni tí mo kọ ọ́ sí ń rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àlejò kan láti òkè òkun tó fẹ́ sùn lọ́dọ̀ wa kó tó sọdá sí Gbẹrẹfù ní òun ò ní sanwó, pé adírẹ́sì tí nọ́ńbà báńkì ti wá kì í ṣe èyí tó wà lórí ìkànnì, ó jọ iṣẹ́ àwọn oníjìbìtì. Mi ò lè bá a wí. Báwo ni mo ṣe máa fi ti ilé iṣẹ́ sórí fóònù kí èsì lè máa ti ibẹ̀ jáde? Áńdírọ́ìdì ni fóònù mi.

Ọmọ_Agbówá

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Èyí ò le rárá. Ẹ fi àkáǹtì kejì sí i, kí ẹ wá lọ sínú `Settings`, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Default Account` sí, kí ẹ yan ti ilé iṣẹ́. Ó parí. Gbogbo ohun tí ẹ bá kọ máa jáde lórúkọ ilé iṣẹ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Màmá, ẹ kú àlejò. Kí n kọ́kọ́ tún ti àbúrò wa ṣe díẹ̀. `Default Account` tó dárúkọ yẹn, orí àìfóònù ló wà. Ẹ lè wá a títí nínú Gmail orí Áńdírọ́ìdì, ẹ ò ní rí i. Lórí àìfóònù náà, lẹ́tà tuntun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló ń darí. Kò kan èsì.

Àpótí tí ẹ ti ṣí lẹ́tà ni èsì máa ń tẹ̀lé. Ó lè jẹ́ adírẹ́sì ilé iṣẹ́ ni àlejò yẹn kọ síwájú lẹ́tà rẹ̀, áàpù ò ka ìyẹn sí. Ibi tí lẹ́tà bọ́ sí ló ń wò. Ti àlejò yín kọ́kọ́ dé àpótí ilé iṣẹ́, sáfà wá ta ẹ̀dà rẹ̀ sínú Gmail yín. Inú Gmail yín lẹ ti kà á, Gmail yín náà ló bá yín dá a lóhùn. Nǹkan kan ò bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni kí àpótí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà lórí fóònù, kì í ṣe ẹ̀dà tó ń ti ibẹ̀ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é: ṣé ẹni tó ṣe ìkànnì fún yín ní pásíwọ́ọ̀dù adírẹ́sì náà? Mo béèrè nítorí pé àwọn míì máa ń dá adírẹ́sì sílẹ̀ tí kò ní àpótí kankan nídìí. Lẹ́tà kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sínú Gmail ni. Bó bá jẹ́ irú ìyẹn ni, fóònù ò ní rí ohun tó máa wọlé sí, ẹni yẹn ló máa kọ́kọ́ dá àpótí sílẹ̀.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ọjà o. Irú èyí ń ṣe èmi náà. Ọmọ mi ló ń lo fóònù tó wà lọ́wọ́ mi tẹ́lẹ̀, ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, mo wá fi tèmi kún un. Mo kọ iye ẹja ránṣẹ́ sí oníbàárà mi kan ní Ìbàdàn, ló bá pè mí pé ta ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ta ẹja fún òun. Ṣé kí n pa ti ọmọ náà rẹ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí kí fọ́tò mi má bá a lọ.

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Bọ̀dá Káfé, ó fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù, ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé kan tí wọ́n ń pè ní `Webmail`, ó máa ń ṣí. Ọmọ tó ń bá mi gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà náà máa ń ṣí i. Mo tún wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, mo bá gbogbo lẹ́tà níbẹ̀, títí kan àwọn ti ọdún tó kọjá.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Ó dùn mọ́ mi, Màmá. Ìyẹn ni pé àpótí wà, lẹ́tà kì í sì í kúrò níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀dà bá lọ sọ́dọ̀ yín. Àwọn ti àtijọ́ náà máa tẹ̀ lé e wá sórí fóònù nìyẹn.

Nínú `Webmail` yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `Connect Devices` sí. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí orúkọ sáfà àti nọ́ńbà tí fóònù máa béèrè. Ó máa jọ báyìí, àmọ́ ohun tí ẹ bá rí lójú ewé tiyín ni kí ẹ lò, kì í ṣe tèmi yìí:

```
Username: info@example.com
IMAP: mail.example.com   993   SSL/TLS
SMTP: mail.example.com   465   SSL/TLS
```

Ẹ wá ṣí Gmail lórí fóònù. Ẹ tẹ àwòrán róbótó tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ mú `Add another account`. Ó máa to orúkọ ilé iṣẹ́ ímeèlì lóríṣiríṣi sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan `Google`, torí kì í ṣe ti Gúgù ni àpótí yín. `Other` tó wà nísàlẹ̀ ni. Ẹ kọ adírẹ́sì ilé iṣẹ́. Bó bá béèrè irú èyí tí ẹ fẹ́, IMAP ni kí ẹ mú. Ẹ má mú POP3. IMAP ń jẹ́ kí ohun tó wà lórí fóònù àti ohun tó wà ní sáfà jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọmọ tó ń bá yín gba àlejò lè rí ohun kan náà lórí fóònù tirẹ̀. POP3 kàn ń kó ẹ̀dà wálé ni. Èsì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ máa wà lórí fóònù yín nìkan.

Lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù, ó máa béèrè sáfà tí lẹ́tà ń gbà wọlé, ìyẹn ìlà IMAP, lẹ́yìn náà èyí tó ń gbà jáde, ìyẹn ìlà SMTP. Níbi méjèèjì, adírẹ́sì lódindi ni kí ẹ kọ síbi tó bá ti ní `Username`, pẹ̀lú àmì @ àti gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Fóònù míì máa ń gé e kù sí `info` nìkan, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bú pásíwọ́ọ̀dù tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Ní ti sáfà ìjáde, pásíwọ́ọ̀dù pọn dandan níbẹ̀ náà. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, lẹ́tà á máa wọlé, àmọ́ kò ní jáde. Ẹ máa rí i pé ó kó jọ sínú `Outbox`.

Níparí, ó máa béèrè `Your name`. Orúkọ ilé àlejò ni kí ẹ kọ, torí orúkọ yẹn ni àlejò máa kọ́kọ́ rí kó tó rí adírẹ́sì.

Ẹlẹ́ja, mo ń bọ̀ lórí tìrẹ.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Ẹlẹ́ja, tìrẹ yàtọ̀ sí ti Màmá. Lẹ́tà tuntun lo kọ, kì í ṣe èsì. Lẹ́tà tuntun máa ń mú àkáǹtì tó bá ṣí lójú rẹ lásìkò náà, ti ọmọ rẹ ló sì ṣí. Kí o tó kọ ohunkóhun, wo ìlà `From`. Tẹ ọfà kékeré tó wà níbẹ̀, gbogbo adírẹ́sì tó wà lórí fóònù máa jáde, kí o mú tìrẹ. O ò nílò láti pa tọmọ rẹ́ nítorí ìyẹn.

Bí o bá tilẹ̀ fẹ́ yọ ọ́, fọ́tò tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ kì í bá a lọ. Nọ́ńbà àwọn èèyàn ni kí o ṣọ́ra fún. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ àkáǹtì ọmọ náà lo tọ́jú nọ́ńbà oníbàárà sí, wọ́n máa kúrò lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀. Kọ́kọ́ kó wọn sábẹ́ tìrẹ.

Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́

Háà. Gbogbo nọ́ńbà àwọn oníbàárà ẹja mi ni mo fi síbẹ̀. Ẹ ṣeun, mi ò ní fọwọ́ kàn án.

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Mo ti ń ṣe é láti ìgbà tí iná ti dé. Gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa títí dé sáfà ìwọlé, ló bá kọ ọ́ pé ìwé ẹ̀rí sáfà náà kò bá orúkọ tí mo tẹ̀ mu. Ó ń béèrè bóyá kí òun máa lọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìkànnì wa tí mo fi `mail.` sí iwájú rẹ̀ ni mo tẹ̀.

Ọmọ_Agbówá

Ẹ tẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, Màmá. Gbogbo wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Rárá o, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Sáfà kan náà ni àwọn tó ń gbàlejò ìkànnì máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sí, orúkọ tiwọn ló sì lè wà lórí ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kì í ṣe orúkọ ìkànnì yín. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ bí ẹ bá ní kó máa lọ láìyẹ̀ ẹ́ wò, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá gúnlẹ̀ sáàárín fóònù yín àti sáfà, bóyá lórí Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì kan, fóònù ò ní kìlọ̀ fún yín mọ́, ẹ ó sì fi pásíwọ́ọ̀dù lé e lọ́wọ́. Ẹ padà sí `Connect Devices`. Orúkọ sáfà tó wà níbẹ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ tẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ, síbi ìwọlé àti síbi ìjáde.

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Òótọ́ ni. Orúkọ gígùn kan tí mi ò rí rí ló wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́, ó wọlé, kò bèèrè nǹkan kan mọ́. Àwọn lẹ́tà ti ń sọ̀kalẹ̀ o!

Àmọ́ ẹ gbọ́ o. Mo fèsì sí lẹ́tà kan tó wọlé ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọmọ mi ní Ajárá ni mo ní kó kọ ọ́ sí wa láti fi dán an wò. Ó ní adírẹ́sì tèmi ló tún rí. Ohun tó sì ń ṣe mí ní kàyéfì ni pé mo rí lẹ́tà ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Àǹtí_Ìgbógbo

Màmá, ṣé inú `All inboxes` lẹ ti ṣí i?

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Ibẹ̀ ni. Gbogbo lẹ́tà ló wà lójú kan níbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Àǹtí ti dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni lẹ́tà ọmọ yín báyìí: ọ̀kan nínú àpótí ilé iṣẹ́, èkejì èyí tí sáfà ṣì ń ta sínú Gmail yín bó ṣe ń ṣe látẹ̀yìn. Nínú `All inboxes`, wọ́n jókòó ti ara wọn bí ìbejì. Èyí tó bọ́ sínú Gmail yín lẹ ṣí. Ẹ ṣí ìkejì, ẹ tẹ `Reply`, kí ẹ wo ìlà `From`. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré ìsàlẹ̀ lẹ́tà ló ṣí, ìlà yẹn lè má hàn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ kó gba gbogbo ojú fóònù.

Ẹ tún rántí èyí: bó bá jẹ́ èsì lẹ ń kọ, ọfà ìlà `From` nínú Gmail Áńdírọ́ìdì ò ní jẹ́ kí ẹ fò látinú àkáǹtì kan sí òmíràn bíi ti lẹ́tà tuntun. Àdírẹ́sì tó so mọ́ àkáǹtì yẹn nìkan ló ń fi hàn. Bí ẹ bá ti ṣí ẹ̀dà tí kò tọ́, ẹ jáde, ẹ lọ ṣí èyí tó tọ́. Àìfóònù rọrùn ju èyí lọ ní tiwọn, wọ́n lè tẹ `From` nínú èsì kí wọ́n mú àkáǹtì mìíràn.

Ìwòsàn rẹ̀ gan-an ni kí ẹni tó ṣe ìkànnì yọ ètò tó ń ta ẹ̀dà sínú Gmail yín. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi cPanel bójú tó ìkànnì, ibi tí wọ́n kọ `Forwarders` sí ló wà. Àpótí ilé iṣẹ́ kò ní parẹ́, títa nìkan ló máa dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó ṣe ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé àpótí náà ń wọlé tó sì ń jáde dáadáa lórí fóònù, kí lẹ́tà má baà dé síbi tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Àǹtí_Ìgbógbo

Bọ̀dá, mo fara mọ́ ọ, àmọ́ ọ̀nà yẹn nìkan kọ́ ló wà, Màmá sì ní òun fẹ́ràn kí gbogbo lẹ́tà wà lójú kan. Èmi ò fi àkáǹtì kejì sórí fóònù mi rárá. Mo jẹ́ kí ẹ̀dà máa wá sínú Gmail mi, mo wá kọ́ Gmail bó ṣe máa fi adírẹ́sì ìtajà mi fèsì.

Orí kọ̀ǹpútà lèèyàn ti ń ṣe é, áàpù fóònù kò ní in. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè ṣí Gmail nínú Chrome kó mú `Desktop site`. Ẹ wọ `See all settings`, lẹ́yìn náà `Accounts and Import`, ẹ wá `Send mail as`, ẹ tẹ `Add another email address`. Ó máa béèrè sáfà ìjáde, nọ́ńbà àti pásíwọ́ọ̀dù, àwọn kan náà tí Bọ̀dá ti kọ. Gúgù á fi kóòdù ránṣẹ́ sí adírẹ́sì ilé iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá tiyín ni lóòótọ́. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni `When replying to a message` wà. Ẹ mú `Reply from the same address the message was sent to`. Láti ìgbà náà, Gmail á máa wo ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà sí, á sì fi adírẹ́sì yẹn fèsì, lórí fóònù náà. Kò sí ìbejì, kò sí àpótí méjì.

Ọmọ_Agbówá

Ojú ewé yẹn náà ni `Check mail from other accounts` wà, àbí? Ẹ kàn lo ìyẹn, Gmail fúnra rẹ̀ á lọ máa kó lẹ́tà wá láti sáfà ilé iṣẹ́, kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń ta nǹkan kan.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Ọmọ Agbówá, ìyẹn dára nígbà kan. Gúgù ti kéde pé láti oṣù kìíní 2026, Gmail kò ní máa bá èèyàn kó lẹ́tà wá láti àpótí ibòmíràn lọ́nà yẹn mọ́. Èyí tí a ń fi sínú áàpù fóònù pẹ̀lú IMAP ò sí lára ohun tí wọ́n fagi lé. Má darí Màmá sọ́nà tí wọ́n ti dí.

Àǹtí, ohun tí ẹ sọ tọ̀nà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo tún gbà pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ lókè pé Gmail kì í wo adírẹ́sì iwájú lẹ́tà, ẹni tí kò tíì ṣe `Send mail as` ló bá mu. Àmọ́ fún ilé àlejò, ó ní ìdí tí mi ò fi ní gbà á. Èsì tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn, inú `Sent` ti Gmail yín ni ẹ̀dà rẹ̀ ń jókòó sí, kì í dé inú `Sent` ti àpótí ilé iṣẹ́. Ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára torí ẹ̀yin nìkan lẹ ń fèsì. Lọ́dọ̀ Màmá, ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà náà ń ṣí àpótí yẹn. Tí Màmá bá ti sọ fún àlejò pé yàrá kan wà lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ náà ò ní rí i, ó sì lè fi yàrá kan náà fún ẹlòmíràn.

Àǹtí_Ìgbógbo

Kí Màmá fi adírẹ́sì ilé iṣẹ́ sínú `Bcc` nígbà tó bá ń fèsì, ẹ̀dà á padà sí àpótí yẹn.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Á máa rántí ìyẹn nígbà gbogbo tó bá ń fèsì. Àǹtí, iṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Àǹtí_Ìgbógbo

Iṣẹ́ tí èèyàn mọ́wọ́ kò pọ̀. Oníkálukú pẹ̀lú bó ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Ẹ má jà nítorí mi o. Ọ̀rọ̀ yàrá tí Bọ̀dá sọ wọ̀ mí lára, torí ó ti fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Mo ní kí ẹni tó ṣe ìkànnì yọ títa náà, ó yọ ọ́ lánàá. Lẹ́tà ò wá lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mo fèsì sí ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, adírẹ́sì ilé iṣẹ́ ló rí, orúkọ ilé àlejò sì wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè kan kù. Tẹ́lẹ̀, bí àlejò bá tẹ lẹ́tà báyìí, fóònù á dún báyìí. Ní báyìí, ó máa ń pẹ́. Nígbà míì, ẹni tó kọ̀wé á ti pè mí lórí fóònù pé ṣé mo rí lẹ́tà òun, kó tó dún.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Ohun tí yíyọ títa ná yín nìyẹn, Màmá. Lẹ́tà tó bá dé Gmail, Gúgù fúnra rẹ̀ ló ń kan fóònù pé ó ti dé. Àpótí ilé iṣẹ́ kò ní ẹni tó máa kàn án. Áàpù Gmail ló ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ ṣí `Settings` nínú Gmail, ẹ tẹ adírẹ́sì ilé iṣẹ́, ẹ wá `Sync frequency`. Ìṣẹ́jú 15 ló yára jù tó wà níbẹ̀, ẹ rí i pé òun ni ẹ mú. Bí ẹ bá ń retí lẹ́tà kan, ẹ ṣí àpótí náà, kí ẹ fi ìka fa ojú rẹ̀ wá sísàlẹ̀, á lọ wò ó lójú ẹsẹ̀.

Bí ìṣẹ́jú 15 bá pẹ́ jù fún yín, áàpù míì wà tó lè dúró sójú ọ̀nà sáfà tí lẹ́tà á fi dún bó ṣe ń dé. Thunderbird ti Áńdírọ́ìdì ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n mú jáde ní 2024 látinú K-9 Mail. Ẹ óò máa ní áàpù méjì nígbà náà, Gmail fún tiyín, Thunderbird fún ilé iṣẹ́. Mo rò pé ìyẹn tilẹ̀ dára, torí kò ní sí `All inboxes` tó máa pa wọ́n pọ̀ mọ́. Àmọ́ ó ń jẹ bátìrì díẹ̀ sí i, àwọn fóònù kan sì máa ń pa á lẹ́yìn tí ojú wọn bá kú, àfi kí ẹ lọ sínú ètò bátìrì kí ẹ yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìyá_Onílé_Àlejò (Àgbádárìgì)

Bátìrì kọ́! Pẹ̀lú iná tiwa níbí? Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 15 ṣì wà ná. Ọmọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni màá fi Thunderbird sí fóònù tirẹ̀, ẹ̀bá jẹnẹrétọ̀ ló ń jókòó sí.

Tíṣà_Ajárá

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí tèmi. Ilé ẹ̀kọ́ fún àwa olùkọ́ ní ímeèlì, ti Office 365 ni. Mo fẹ́ fi í sínú Gmail fóònù mi bí Màmá ṣe ṣe. Mo mú `Exchange and Office 365`, mo tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ó gbà á, ló bá ní kí n gbà kí sáfà ilé ẹ̀kọ́ lè máa ṣàkóso ààbò fóònù mi, títí kan kó pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́. Fóònù tèmi ni o, kì í ṣe tiwọn. Mo tẹ pé mi ò gbà, kò sì fi àkáǹtì náà sí i.

Bọ̀dá_Káfé (Sábó, Ìkòròdú)

Tíṣà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí fóònù bá sọnù, ẹni tó ń bójú tó ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ lè fi àṣẹ ránṣẹ́ kó pa á rẹ́, fọ́tò ìgbéyàwó àti gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fi í ṣeré, kò ní ṣẹlẹ̀, àmọ́ ẹ̀tọ́ náà á wà lọ́wọ́ wọn. Èyí tí mo máa ń ní kí àwọn olùkọ́ ṣe nìyí: ẹ gba áàpù Outlook, ẹ fi ti ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀ nìkan. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pàṣẹ ìparẹ́, ohun tó wà nínú Outlook ló ń lọ, ìyókù fóònù á wà bó ṣe wà. Tiyín á jókòó nínú Gmail, èsì á sì máa ti ibi tó yẹ jáde.

Tíṣà_Ajárá

Mo gbọ́. Àmọ́ ọ̀gá wa tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní àfi Gmail la gbọ́dọ̀ lò, kí gbogbo wa lè jọ ara wa.

Àǹtí_Ìgbógbo

Kí ọ̀gá yín fún yín ní fóònù nìyẹn.

Ọmọ_Agbówá

Tíṣà, ẹ bi í bóyá òun náà ti tẹ `Activate` lórí fóònù tirẹ̀.

Tíṣà_Ajárá

Màá bi í lọ́jọ́ Ajé tí a bá wọlé.